Kọ́ńtà línkì olówó àbí línkì alámì ọ̀fẹ́: èwo ló máa sọ bóyá kọ́mẹ́ǹtì tẹ́ ẹ kàn mókè ń ṣiṣẹ́?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe fídíò lórí Yútúùbù, ẹ ó ti kíyè sí i pé YouTube Studio kì í sọ iye èèyàn tó tẹ línkì tó jáde síta, bóyá inú àpèjúwe abẹ́ fídíò ló wà o, bóyá inú kọ́mẹ́ǹtì tẹ́ ẹ kàn mọ́ òkè ni. Ó ń sọ ti end screen, ó ń sọ ti káàdì, ó parí síbẹ̀. Àyè yẹn gan-an làwọn tó ń ta kọ́ńtà línkì ń bá wọlé. Mo sanwó ọ̀kan fún odidi ọdún kan, lẹ́yìn náà ni mo bọ́ sórí línkì alámì tí ò gba kọ́bọ̀, mo sì ti lò ó ju ọdún kan lọ báyìí. Ẹ jẹ́ kí n gbé méjèèjì kalẹ̀ kẹ́ ẹ tó tọwọ́ bàpò.

Kọ́ńtà olówó máa ń fún yín ní línkì kúkurú kan, ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ á kọ́kọ́ gba ọ̀dọ̀ wọn kọjá, wọ́n á kà á, wọ́n á wá tì í lọ sí sáìtì yín. Línkì alámì ní tiẹ̀, línkì sáìtì yín gangan ni, ẹ kàn so àmì mọ́ ìdí ẹ̀ pé ibi báyìí ló ti wá, Google Analytics tó wà lórí sáìtì yín á sì ka àmì náà. Bó ṣe rí nìyí:

```
https://example.com/iwe?utm_source=youtube&utm_medium=video&utm_campaign=fidio07&utm_content=apejuwe
```

Èyí tẹ́ ẹ bá fi sínú kọ́mẹ́ǹtì, ẹ yí `apejuwe` ìparí yẹn sí `kan`, ìyàtọ̀ kan ṣoṣo tó wà láàárín wọn nìyẹn.

Ní ti ìrọ̀rùn, kọ́ńtà olówó ló lékè, mi ò ní parọ́. Línkì alámì gùn, ọwọ́ lẹ fi ń tẹ̀ ẹ́, tẹ́ ẹ bá sì kọ `Apejuwe` lónìí tẹ́ ẹ wá kọ `apejuwe` lọ́la, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló máa kà wọ́n sí, torí náà ẹ kọ wọ́n sínú ìwé kan kẹ́ ẹ máa dà á kọ láti ibẹ̀.

Ní ti èyí tó ṣeé fẹnu pè, kúkurú ló dáa, àmọ́ ẹni tó bá ti ní sáìtì tiẹ̀ lè ṣe ojúlé kúkurú síbẹ̀ tó máa darí èèyàn sí línkì alámì.

Ní ti ìgbà tówó bá tán, línkì alámì ò ní ìgbà tówó ń tán. Tèmi olówó yẹn, bí mi ò ṣe san ti ọdún kejì báyìí, gbogbo línkì inú fídíò àtijọ́ ló kú, ọwọ́ ni mo fi pààrọ̀ wọn níkọ̀ọ̀kan.

Ṣùgbọ́n ìyẹn gan-an kọ́ ló dùn mí jù. Ohun tó jẹ mí lówó ni pé mi ò béèrè ta ni wọ́n ń kà.

Fídíò kan wà tí mo gbé jáde, mo fi línkì sínú àpèjúwe, mo fi òmíràn sínú kọ́mẹ́ǹtì tí mo kàn mókè, mo sì tún fẹnu sọ ọ́ nínú fídíò pé kí wọ́n wo ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, kọ́ńtà ní ìgbà 412 ni wọ́n tẹ ti kọ́mẹ́ǹtì, ìgbà 188 ni wọ́n tẹ ti àpèjúwe. Ọ̀rọ̀ ẹnu ò ní línkì tiẹ̀, torí náà kò rí òǹkà kankan gbà. Inú mi dùn, mo ní mo ti mọ àṣírí ẹ̀. Mo ní kí ẹni tó ń bá mi gé fídíò máa gé gbólóhùn yẹn dànù nínú gbogbo fídíò tó wà nílẹ̀, mo sanwó iṣẹ́ yẹn, mo wá gbájú mọ́ kọ́mẹ́ǹtì fún oṣù mẹ́ta. Kọ́ńtà ń gòkè, àmọ́ àwọn tó ń dé sáìtì ń dín kù, ó ṣe mí bákan.

Ìgbà tí mo wá jókòó wo wákàtí tí títẹ̀ kọ̀ọ̀kan wọlé, ojú mi là. Kọ́mẹ́ǹtì fídíò yẹn ti gba títẹ̀ 86 nígbà tí fídíò fúnra ẹ̀ ò tíì ní ìwò 40. Ta ló ń tẹ̀ ẹ́? Mo dán an wò báyìí: mo ṣe línkì tuntun kan, mo fi ránṣẹ́ sí ara mi nínú áàpù tá a fi ń ránṣẹ́ síra wa, mi ò fọwọ́ kàn án rárá. Kí n tó pa dà wo kọ́ńtà, ó ti ka 2. Áàpù yẹn ló lọ ṣí ojú ìwé náà kó lè ya àwòrán kékeré tó máa ń hàn lábẹ́ línkì. Ẹ fi kún un àwọn ẹ̀rọ tó ń yẹ línkì wò bóyá ó léwu, àtàwọn bọ́ọ̀tì tó ń rìn kiri inú kọ́mẹ́ǹtì, gbogbo wọn ló ń gba àárín kọ́ńtà kọjá, ó sì ń kà wọ́n bí èèyàn. Mo kọ̀wé sáwọn tó tà á fún mi, èsì wọn ni pé títẹ̀ ni títẹ̀ ń jẹ́.

Analytics kì í kà títí ojú ìwé yóò fi ṣí nínú bíráúsà tí kóòdù kékeré ẹ̀ á sì ṣiṣẹ́, ó sì ń yọ àwọn bọ́ọ̀tì tó ti dá mọ̀ kúrò. Fídíò kan náà yẹn, ohun tí mo rí lórí sáìtì mi ni 97 láti kọ́mẹ́ǹtì, 151 láti àpèjúwe. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe pé òǹkà kéré nìkan, ipò wọn ló yí pa dà. Ó ní ibi tí Analytics náà kù sí: ẹni tó ń lo adènà ìpolówó lè má hàn, ẹni tó pa ojú ìwé dé kó tó ṣí tán ò ní hàn. Àmọ́ mi ò rí ìdí tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ á fi pọ̀ lọ́dọ̀ kọ́mẹ́ǹtì ju ọ̀dọ̀ àpèjúwe lọ, torí náà ìfiwéra ṣì dúró. Bọ́ọ̀tì ló ń gbè sápá kan.

Kẹ́ ẹ tó ra èyíkéyìí, ẹ ṣe ìdánwò tí mo ṣe yẹn nígbà ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń fún yín. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Kọ́ńtà tó bá ka línkì tẹ́nì kan ò tẹ̀, ẹ máa bá tiyín lọ.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó kàn méjèèjì o, bẹ́ ẹ ra olówó bẹ́ ẹ lo alámì. Línkì ń sọ ibi tí ọwọ́ ti tẹ̀ ẹ́, kò lè sọ ohun tó mú ẹni náà tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó gbọ́ ọ lẹ́nu mi tó wá lọ sínú àpèjúwe, àpèjúwe ló máa gba òǹkà ẹ̀. Ọ̀nà kan tí mo mọ̀ láti yanjú ẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi í sínú àwọn fídíò kan, kẹ́ ẹ yọ ọ́ nínú àwọn kan, kì í sì í ṣe ẹ̀yin lẹ máa yàn án, torí ọkàn yín á fi gbólóhùn náà sínú fídíò tẹ́ ẹ fẹ́ràn jù. Mo gé bébà 12, mo kọ "sọ" sára 6, mo kọ "má sọ" sára 6, mo ń fa ọ̀kan kí n tó gbé fídíò kọ̀ọ̀kan jáde. Línkì àpèjúwe wà nínú gbogbo wọn, kọ́mẹ́ǹtì ò sí nínú ìkankan. Mo ka ti kálukú ní ọjọ́ kẹrìnlá, iye tó tẹ̀ ẹ́ nínú ìwò 1,000. Àwọn tí mo ti sọ ọ́ jẹ́ 9, 14, 7, 11, 6, 13, ìpíndọ́gba ẹ̀ jẹ́ 10. Àwọn tí mi ò ti sọ ọ́ jẹ́ 5, 8, 4, 6, 3, 4, ìpíndọ́gba ẹ̀ jẹ́ 5.

Ṣé kì í ṣe kòńgẹ́? Ọ̀nà 924 ló wà láti pín fídíò 12 sí 6 àti 6. Nínú gbogbo ẹ̀, 6 péré ló máa fún ẹ̀gbẹ́ "sọ" ní àròpọ̀ tó tó 60 tí mo rí yìí tàbí tó jù ú lọ. Ìyẹn tó mi. Gbólóhùn tí mo sanwó kí wọ́n gé dànù ló ń sọ títẹ̀ di ìlọ́po méjì, kọ́ńtà sì ti fún un ní òdo. Àmọ́ ibi tẹ́ ẹ bá ti sọ ọ́ ṣe pàtàkì, ẹ wo àwòrán Audience retention, tó bá jẹ́ pé àwọn tó pọ̀ ti lọ kẹ́ ẹ tó débẹ̀, a jẹ́ pé wọn ò gbọ́ ọ rárá.

Mo tún ṣe irú ẹ̀ fún kọ́mẹ́ǹtì lórí fídíò 10 tó tẹ̀ lé e, mo ń sọ ọ́ lẹ́nu nínú gbogbo wọn. Níbi tí mo ti kan kọ́mẹ́ǹtì mókè, nínú ìwò 1,000, 3 tẹ ti kọ́mẹ́ǹtì, 7 tẹ ti àpèjúwe, àpapọ̀ 10. Níbi tí mi ò ti kàn án, àpèjúwe nìkan gba 9.5. Kọ́mẹ́ǹtì ò fi bẹ́ẹ̀ mú ẹni tuntun wá lọ́dọ̀ tèmi, àwọn tó ń lọ sínú àpèjúwe tẹ́lẹ̀ ló dá lọ́nà. Àpapọ̀ ni kẹ́ ẹ máa wò. Ní ti Shorts, ẹ má wulẹ̀ dá ara yín láàmú, láti 31 oṣù kẹjọ 2023 ni línkì inú kọ́mẹ́ǹtì àti àpèjúwe wọn ò ti ṣeé tẹ̀ mọ́.

Ní ti sọbusikiráìbù, kò sí èyí tẹ́ ẹ máa rà tó máa kà á, inú Studio ló wà, ọ̀fẹ́ sì ni. Ohun tó ń tan èèyàn jẹ ni pé wọ́n ń fi gbogbo ìwò pín in, ẹni tó ti sọbusikiráìbù tẹ́lẹ̀ ò sì lè tún un ṣe. Ẹ wọ Advanced mode, ẹ mú Subscription status, ẹ lo ìwò àwọn Not subscribed nìkan. Nínú fídíò 12 mi yẹn, ó jẹ́ 4.1 nínú 1,000 níbi tí mo ti sọ̀rọ̀, 3.8 níbi tí mi ò ti sọ, òǹkà wọn sì wọnú ara wọn pátápátá. Línkì ni mo ní kí wọ́n tẹ̀, mi ò ní kí wọ́n sọbusikiráìbù, mi ò sì lè sọ pé ó ṣe nǹkan kan síbẹ̀.

Tí ojú ìwé tẹ́ ẹ ń darí èèyàn sí kì í bá ṣe tiyín, tẹ́ ẹ ò lè fi Analytics síbẹ̀, ẹ ra kọ́ńtà olówó, kò sóhun míì tẹ́ ẹ lè ṣe, ẹ kàn rí i pé ó yege nínú ìdánwò yẹn, kẹ́ ẹ sì yọ àwọn títẹ̀ tó ṣáájú ìwò kúrò. Tí sáìtì bá jẹ́ tiyín, línkì alámì, ìwé kan, àti bébà 12 nínú ife ni mò ń lò títí dòní.