Áàpù ìpè fídíò tó sùn lọ lórí tábúlẹ́ẹ̀tì Màmá

Ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ni mo pe ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, láàárín ọjọ́ mẹ́ta, wọn kò sì dáhùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ní ọjọ́ kẹta mo bẹ aládùúgbò wọn pé kó bá mi yọjú sí wọn. Ó bá wọn lórí àga, ara wọn le koko, tábúlẹ́ẹ̀tì náà sì wà lórí tábìlì níbi tí ọwọ́ wọn lè tó o. Ó ní bí òun ṣe gbé e sókè tí òun sì tẹ bọ́tìnì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ojú rẹ̀ lè tàn báyìí, ṣe ni ìròyìn gbogbo ìpè náà rọ́ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Màmá ní tiwọn ti gbà pé n kò pè rárá. Wọ́n ní, "Ẹ̀rọ yìí ò dún o. Mo jókòó tì í láti àárọ̀." Ọ̀rọ̀ yìí ló mú mi jókòó kọ àgbéyẹ̀wò yìí.

Kì í ṣe pé n kò gbìyànjú kí n tó gbé e fún wọn. Tábúlẹ́ẹ̀tì àtijọ́ tèmi ni, Android 8 ló ń lò, mo sì yan áàpù yìí nítorí pé kò ní ju àwòrán ńláńlá mẹ́rin lọ lójú rẹ̀: ẹni tí Màmá bá fẹ́ bá sọ̀rọ̀, wọn yóò tẹ àwòrán rẹ̀. Bí èmi bá sì pè, áàpù náà yóò dún díẹ̀, yóò sì gbé ìpè náà fúnra rẹ̀, Màmá kò ní fọwọ́ kan ohunkóhun. Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi dán an wò nílé mi, kò sì kùnà lẹ́ẹ̀kan. Mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́ síbí pé orí ṣájà ló wà ní ọjọ́ méjèèjì, nítorí pé ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀ràn náà wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò mọ̀ nígbà náà.

Ìṣòro ọwọ́ Màmá la kọ́kọ́ bá pàdé. Bí ẹni ń tẹ aago ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ṣe ń tẹ ojú ẹ̀rọ: wọn yóò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, wọn yóò sì dúró kí nǹkan ṣẹlẹ̀. Nígbà mìíràn èékánná ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́, ojú ẹ̀rọ yìí kò sì mọ èékánná, ẹran ìka nìkan ló mọ̀. Nínú áàpù yìí, títẹ àwòrán fẹ́rẹ́ ni ó ń pe ènìyàn, ṣùgbọ́n bí a bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pẹ́, ṣe ni yóò bèèrè bóyá a fẹ́ pa ẹni náà rẹ́. Kí wákàtí kan tó pé, Màmá ti pa mí rẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sínú áàpù tí wọ́n sọ pé ti àgbàlagbà ni, kò tíì jókòó ti àgbàlagbà rí. Mo lọ sí `Settings`, mo ṣí `Accessibility`, mo sì yí `Touch & hold delay` sí `Long`, èyí tó jẹ́ kí ẹ̀rọ náà dúró fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá kan àti ààbọ̀ kó tó ka ìtẹ̀ kan sí ìtẹ̀mọ́lẹ̀. Bí mo ṣe ṣe èyí tán, tí mo sì kọ́ wọn láti máa fi ikùn ìka tẹ̀ ẹ́ dípò ṣóńṣó rẹ̀, ìparẹ́ náà dáwọ́ dúró.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta tí ìpè kò wọlé ni mo kọ̀wé sí àwọn tó ń bójú tó oníbàárà. Ọ̀gbẹ́ni tó kọ́kọ́ dá mi lóhùn ní kí n wo íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo dáhùn pé íńtánẹ́ẹ̀tì kò ní àbùkù, nítorí pé gbogbo ìròyìn ìpè náà ló wọlé ní kété tí aládùúgbò gbé ẹ̀rọ náà sókè. Ó tún kọ̀wé padà pé kí n wo íńtánẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí mo kọ̀wé lẹ́ẹ̀kẹta, ó ní kí a yọ áàpù náà kúrò, kí a sì tún un gbé sórí ẹ̀rọ. Aládùúgbò bá wa ṣe é, ó sì lọ sí ibi iṣẹ́ rẹ̀, kò mọ̀ pé áàpù náà yóò tún béèrè nọ́ńbà mẹ́fà tó ń so tábúlẹ́ẹ̀tì pọ̀ mọ́ fóònù mi. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni nọ́ńbà ọ̀hún fi ń ṣiṣẹ́. Mo ń kà á fún Màmá lórí fóònù lásán, wọ́n ń wá ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọwọ́ tó ń gbọ̀n, nígbà tí wọ́n bá sì dé ìkarùn-ún, èyí tó wà lọ́wọ́ mi ti yí padà. Ogójì ìṣẹ́jú la fi ṣe èyí. Ní ìgbẹ̀yìn, Màmá ní, "Ọmọ mi, jẹ́ kí a fi í sílẹ̀, mo ti gbọ́ ohùn rẹ." Inú bí mi débi pé n kò lè jẹun ní alẹ́ ọjọ́ náà.

Ní ọjọ́ kejì, obìnrin kan ló gba ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ ọ̀gbẹ́ni yẹn, ó sì bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo: "Ẹ jọ̀ọ́, nígbà tí ìpè kò wọlé, ṣé ẹ̀rọ náà wà lórí ṣájà?" Mo bi Màmá. Wọ́n ní rárá o, àwọn máa ń yọ ọ́ kúrò láràárọ̀ kí bátìrì má baà bàjẹ́. Obìnrin náà wá ṣàlàyé pé láti Android 6, bí ẹ̀rọ bá ti kúrò lórí ṣájà, tí ojú rẹ̀ ṣókùnkùn, tí kò sì sí ẹni tó gbé e kúrò lójú kan, yóò sùn lọ láti dá bátìrì sí, kò sì ní jẹ́ kí ọ̀pọ̀ áàpù tí a kò fún ní àyè pàtàkì gba nǹkan láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì bí kò ṣe lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Bí a bá tan ojú rẹ̀ tàbí tí a gbé e, ó jí nìyẹn. Ìdí nìyí tí ohun gbogbo fi pé nílé mi, tí ó sì fi kùnà lórí tábìlì Màmá. N kò rí òṣìṣẹ́ tó gbọ́n báyìí rí, mo sì kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ lẹ́tà ìyìn tí mo fi ránṣẹ́ sí wọn.

Ìtọ́jú rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ Màmá ní òpin ọ̀sẹ̀, tí mo sì ti tún so tábúlẹ́ẹ̀tì náà pọ̀ mọ́ fóònù mi, mo ṣí `Settings`, mo wọ `Apps & notifications`, lẹ́yìn náà `Special app access`, mo tẹ `Battery optimization`, mo yan `All apps` kí orúkọ áàpù náà lè hàn, mo sì yàn `Don't optimize` fún un. Mo yọ ṣájà, mo fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀ lójú kan fún wákàtí méjì gbáko láìfọwọ́ kàn án, mo jáde síta, mo sì pè. Ó dún! Bátìrì rẹ̀ ń yára tán ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbé e sórí ṣájà ní alẹ́, ó ń gbé wọn dé ọjọ́ kejì.

Ìbéèrè tó kù ni ìdí tí áàpù náà kò fi tọrọ àyè yìí fúnra rẹ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́, nígbà tó mọ bó ṣe lè tọrọ àyè láti lo kámẹ́rà àti gbohùngbohùn. Mo tún fi `Screen pinning` de áàpù náà mọ́jú ẹ̀rọ kí Màmá má baà ṣèèṣì jáde kúrò nínú rẹ̀, èyí sì dára púpọ̀, àyàfi pé bí ẹ̀rọ náà bá kú tó sì tún tàn, ìdè náà ti tú nìyẹn, a ó tún un dè.

Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, èmi kọ́ ni mo pè. Àwọn ni wọ́n pè mí, òkè àjà nìkan ni mo sì ń wò fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ṣùgbọ́n à ń rẹ́rìn-ín.

Ìràwọ̀ 2 nínú 5. Màmá ní kí n fún wọn ní 5, pé àwọn kò mọ ohun tí mo ń bínú lé lórí.