Oṣù mẹ́jọ pẹ̀lú Polylang: ìkànnì àwọn aláró ní Gẹ̀ẹ́sì àti Yorùbá

Ẹgbẹ́ àwọn aláró kan ní Ìtòkú, Abẹ́òkúta, ló ní kí n ṣe ìkànnì fún àwọn. Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn oníbàárà tó ń béèrè aṣọ láti òkè òkun ń kà. Àwọn ìyá tó ń rẹ aṣọ, àwọn ọmọṣẹ́ wọn àti àwọn alájàpá tó ń wá kó ọjà fẹ́ kà á ní Yorùbá, Yorùbá tó lámì. WordPress ni mo gbé ìkànnì náà lé, àfikún WordPress tí wọ́n ń pè ní Polylang ni mo sì fi ń mú èdè méjèèjì. Èyí tí wọ́n ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́ ni mo lò. Mi ò ra Pro, nítorí náà ohun tí mo bá sọ níbí, ẹ gbà á bẹ́ẹ̀.

Ohun tó mú kí n fẹ́ràn rẹ̀ ni bó ṣe ń tọ́jú ojú ewé. Ojú ewé Gẹ̀ẹ́sì dá dúró, ti Yorùbá dá dúró, Polylang kàn so wọ́n pọ̀ bí ìbejì ni. Kò sí èyí tó jẹ́ ọ̀gá fún èkejì. Mi ò tètè mọ bí èyí ti ṣe pàtàkì tó, torí pé bí gbogbo ènìyàn ṣe ń ṣe é ni èmi náà ṣe bẹ̀rẹ̀: mo kọ ojú ewé mọ́kànlá ní Gẹ̀ẹ́sì, mo sì kó wọn fún Bàbá Tíṣà, olùkọ́ Yorùbá tó ti fẹ̀yìn tì, pé kí wọ́n bá mi túmọ̀ wọn.

Ojú ewé tó ṣàlàyé adìrẹ ẹlẹ́kọ ló kọ́kọ́ padà dé. Gẹ̀ẹ́sì tí mo kọ ni Bàbá Tíṣà tẹ̀ lé bó ṣe wà gẹ́lẹ́, ó sì wá di "aṣọ tí a fi sítáàṣì dí àwọ̀ lọ́nà". Mo kà á sí ìyá tó jẹ́ olórí àwọn aláró létí. Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, kí ni sítáàṣì tó ń dí àwọ̀ lọ́nà? Ẹ̀kọ la fi ń kọ ọ́. Láfún la fi ń ro ẹ̀kọ náà, a ó sì da álọ́ọ̀mù sí i. Ìyẹ́ adìẹ la fi ń yà á. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró ò ní wọ ibẹ̀." Gbólóhùn márùn-ún péré, gbogbo rẹ̀ sì yé ni ju ìpínrọ̀ méjì tí mo kọ lọ.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti yí ètò padà. Ojú ewé mẹ́rin tó jẹ mọ́ iṣẹ́ ọwọ́, ìyẹn ẹlẹ́kọ, oníko, alábẹ́rẹ́ àti bí a ṣe ń po aró, Yorùbá la kọ́kọ́ fi kọ wọ́n láti ẹnu àwọn ìyá, Gẹ̀ẹ́sì wá tẹ̀ lé e. Márùn-ún tó jẹ mọ́ owó, ìfiránṣẹ́ àti dídá ọjà padà, Gẹ̀ẹ́sì ló ṣáájú níbẹ̀. Méjì tó kù kò nílò ìtumọ̀ rárá: òfin gbígbé ẹrù lọ sí òkè òkun wà ní Gẹ̀ẹ́sì nìkan, ètò ìpàdé ẹgbẹ́ sì wà ní Yorùbá nìkan. Ohun tí Polylang fẹ́ lọ́wọ́ ẹni kò ju pé kí ẹ yan èdè nínú àpótí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ewé tí ẹ ń kọ, kí ẹ wá tẹ àmì `+` tó kọjú sí èdè kejì láti ṣí ìkejì rẹ̀. Ó gbà kí Yorùbá ṣáájú, kò sì bá yín jiyàn.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti bọ́tìnnì ìyípadà èdè, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ń ṣìnà. Polylang lè wo èdè tí burausà ènìyàn wà, kó sì gbé e lọ sí ojú ewé àkọ́kọ́ ní èdè náà fúnra rẹ̀. Mo pa á. Fóònù gbogbo àwọn ìyá yẹn ló wà ní Gẹ̀ẹ́sì, bẹ́ẹ̀ ni ti àwọn ọmọ wọn. Bí mo bá jẹ́ kí burausà yàn fún wọn, Gẹ̀ẹ́sì ni yóò máa gbé wọn lọ nígbà gbogbo, àwọn gan-an tí mo torí wọn kọ Yorùbá kò sì ní rí i. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ méjì ló wà lókè ojú ewé kọ̀ọ̀kan, `English` àti `Yorùbá`, níta gbangba, kì í ṣe inú mẹ́nù tó pamọ́. Mi ò lo àsíá. Polylang ní àsíá tó lè fi sí i, ẹ ó sì rí ibi tí ẹ lè tàn án tàbí kí ẹ pa á nínú ètò bọ́tìnnì náà. Àsíá ta ni kí n fi sí Yorùbá? Àwọn tó ń sọ ọ́ wà ní Nàìjíríà, wọ́n wà ní Benin, wọ́n wà ní Togo.

Ẹ tún pinnu ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀ bí ojú ewé kan kò bá ní ìkejì. Bí ẹ kò bá fọwọ́ kan nǹkan kan, Polylang á gbé òǹkàwé lọ sí ojú ewé àkọ́kọ́ èdè kejì, onítọ̀hún á sì rò pé ìkànnì ti bàjẹ́. Ètò kan wà tó ń fi èdè tí kò ní ìtumọ̀ pamọ́. Òun ni mo tàn nítorí ojú ewé méjì tí kò ní ìtumọ̀ wọ̀nyẹn.

Ti fọ́ǹtì ló gba àkókò mi jù. Nígbà tí Yorùbá kọ́kọ́ hàn lójú ìkànnì, `ẹ` àti `ọ` rí bí àlejò láàárín ọ̀rọ̀: wọ́n tóbi díẹ̀ ju lẹ́tà yòókù lọ, ìlà wọn sì tín-ín-rín. Mo rò pé Polylang ló fà á, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Fọ́ǹtì tí mo yàn ni kò ní lẹ́tà méjèèjì, burausà sì lọ yá wọn lára fọ́ǹtì mìíràn. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀ ni pé Google Fonts máa ń pín fọ́ǹtì sí ìdì-ìdì. `ṣ` wà nínú ìdì tí wọ́n ń pè ní `latin-ext`, ṣùgbọ́n `ẹ` àti `ọ`, pẹ̀lú àmì ohùn tó ń dá dúró, inú ìdì `vietnamese` ni wọ́n wà, torí pé èdè Vietnam náà ń lo lẹ́tà tó ní àmì nísàlẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá ń yan fọ́ǹtì fún Yorùbá, ẹ wò ó bóyá ó ní `vietnamese`. Bí kò bá ní in, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ fi ọ̀rọ̀ bíi "ọ̀pọ̀lọ́" àti "ẹ̀ṣẹ́" dán an wò, kí ẹ fẹ̀ ẹ́ lójú fóònù, kí ẹ sì wo bóyá àmì ohùn jókòó sórí lẹ́tà tàbí ó yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́.

Àdírẹ́sì ojú ewé náà gba àmójútó. Bí àkọlé bá ní `ṣ`, tí lẹ́tà náà sì wọ inú àdírẹ́sì, bí ẹnikẹ́ni bá fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ohun tí yóò hàn ni `%e1%b9%a3`. Àwọn ènìyàn á rò pé líǹkì olè ni. Ọwọ́ ni mo fi ń kọ gbogbo àdírẹ́sì Yorùbá, láìsí àmì: `/yo/ise-aro/`. Ẹ mọ̀ pẹ̀lú pé nínú èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́, ojú ewé méjì kò lè pín àdírẹ́sì kan náà kódà bí èdè wọn bá yàtọ̀. Bí ẹ bá pe méjèèjì ní `adire`, ìkejì á di `adire-2`. Pro nìkan ló gba irú rẹ̀ láyè.

Ọ̀rọ̀ tó dùn mí jù lọ ni ti iye owó. Lóṣù kẹta, owó ẹlẹ́kọ ọ̀pá márùn-ún gòkè. Mo yí i padà ní Gẹ̀ẹ́sì, mo gbàgbé ti Yorùbá. Polylang kì í kìlọ̀ fún ẹni pé ìkan nínú ìbejì ti yí padà lẹ́yìn ìtumọ̀. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí alájàpá kan tó ti ọ̀nà jíjìn wá, ó mú fóònù rẹ̀ dání, ó ń tọ́ka sí owó àtijọ́. Àwọn ìyá tà á fún un ní owó yẹn, wọ́n sì pàdánù. Ojú tì mí gan-an.

Ọ̀nà tí mo gbà tún un ṣe rèé. Mo yọ iye owó kúrò nínú ọ̀rọ̀, mo fi í sí àyè tí WordPress ń pè ní `Custom fields`, mo sì tan ìbámu rẹ̀ nínú `Synchronization` Polylang. Nísinsìnyí, bí mo bá yí i padà ní èdè kan, ó ti yí padà ní èkejì. Ìlà kan ni mo fi sínú fáìlì ojú ewé:

```php
<?php echo esc_html( get_post_meta( get_the_ID(), 'iye_owo', true ) ); ?>
```

Ohun tó bá jẹ́ nọ́ḿbà, yálà owó, nọ́ḿbà fóònù tàbí ìwọ̀n aṣọ, ẹ má ṣe kọ ọ́ sínú gbólóhùn nígbà méjì.

Fún ọ̀rọ̀ gidi, tábìlì kan nínú Google Sheets ni mo ń lò. Ìlà kan fún ojú ewé kan: èdè tó ṣáájú, ọjọ́ tí a yí i padà gbẹ̀yìn, ọjọ́ tí a túmọ̀ rẹ̀ gbẹ̀yìn, ẹni tó túmọ̀, ẹni tó kà á gbẹ̀yìn. Bí ọjọ́ ìyípadà bá ti lé ọjọ́ ìtumọ̀, ìlà náà á pọ́n. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni mo ń ṣí i. Bàbá Tíṣà ni wọ́n ń túmọ̀, àmọ́ ojú ewé kankan kò gbọdọ̀ jáde kí a tó kà á sí ọ̀kan nínú àwọn aláró létí. Kíkà sí létí ni mo wí, kì í ṣe pé kí a fi ránṣẹ́ sí wọn, torí ibi tí gbólóhùn bá ti le, ojú wọn ni mo ti ń mọ̀. Ojú ewé kejì nínú tábìlì náà ni àwọn ọ̀rọ̀ tí a ti fẹnu kò sí: èlú, ìkòkò aró, oníko. A kò túmọ̀ wọn sí Gẹ̀ẹ́sì. A ṣàlàyé wọn lẹ́ẹ̀kan, a sì ń lò wọ́n lọ.

Àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tó wà lára ìkànnì fúnra rẹ̀, bí àkọlé àti ọ̀rọ̀ ìṣáájú, wà nínú tábìlì `Translations` Polylang, wọ́n sì rọrùn. Èyí tí ẹni tó ṣe àwòṣe ìkànnì bá kọ mọ́ inú kóòdù kò ní hàn níbẹ̀ àfi bí a bá fi `pll_register_string` forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Bọ́tìnnì "Ẹ pè wá" wa wà ní Gẹ̀ẹ́sì fún oṣù kan kí n tó mọ èyí.

Mo fún Polylang ní mẹ́rin nínú márùn-ún. Fún ìkànnì tó ní ojú ewé díẹ̀, tí èdè méjèèjì sì ní àwọn òǹkàwé tiwọn, mo lè fọwọ́ sọ̀yà pé ó tó. Bí ẹ bá fẹ́ fi WooCommerce ta ọjà lórí ìkànnì, àfikún tí a ń fowó rà ni ẹ ó nílò kí ọjà náà tó lè wà ní èdè méjì. WhatsApp ni wọ́n ń gbà pàṣẹ lọ́dọ̀ tiwa, a kò tíì dé ibẹ̀. Pro náà ní ọ̀nà láti kó ọ̀rọ̀ jáde nínú fáìlì XLIFF fún àwọn atúmọ̀ èdè tó ń lo irinṣẹ́ wọn. Bàbá Tíṣà ń fi bírò kọ tiwọn sórí ìwé, èmi ni mo ń tẹ̀ ẹ́.