Ògiri sẹ́ẹ̀lì tàbí fákúólù: èwo ló dáhùn ìbéèrè náà?

Ní Mọ́kọ́lá, n'Íbàdàn, níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn tó ń múra ìdánwò Jáǹbù, ìbéèrè kan wà tó máa ń mú àwọn ọmọ tó kàwé dáadáa: kí ló dé tí sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ fi ń bẹ́ nínú omi tí kò ní iyọ̀ rárá, tí sẹ́ẹ̀lì ewé tẹ̀tẹ̀ kì í bẹ́?

Nínú àwọn ìdáhùn tí wọ́n ní ká yàn, ìdáhùn A ní ewé ní ògiri sẹ́ẹ̀lì tó le. Ìdáhùn B ní ó ní fákúólù ńlá tó ń gba omi pamọ́.

Òótọ́ pọ́ńbélé ni B, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń yàn án. Àmọ́ ìbéèrè kò béèrè ibi tí omi ń lọ. Ohun tí kò jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì bẹ́ ló béèrè. Omi inú fákúólù gan-an ló ń ti sẹ́ẹ̀lì síta. Ògiri ló ń tì í padà, títí omi kò fi ní lè kún un mọ́.

Mo máa ń ní kí wọ́n yọ ọ̀kan kúrò. Bí a bá fi ẹ́ńsáìmù jẹ ògiri náà tán, fákúólù ṣì wà níbẹ̀ digbí. Ẹ wá fi sẹ́ẹ̀lì yẹn sínú omi kan náà: yóò bẹ́ bíi ti ẹ̀jẹ̀.

"Àǹtí, ṣebí B wà nínú ìwé wa?" Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ká ní ibi tí ewé ń tọ́jú omi sí ni wọ́n béèrè ni, èmi náà ì bá yàn án.