Ẹ̀jẹ̀ Ríru àti Ìfètòsọ́mọbíbí: Oògùn Oníhóró, Abẹ́rẹ́, Lúùpù àti Ti Abẹ́ Apá

Ọ̀nà mẹ́rin ló wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ìfètòsọ́mọbíbí lágbègbè wa, láti Kábà dé Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ́: oògùn oníhóró, abẹ́rẹ́, lúùpù tí wọ́n ń fi sínú ilé ọmọ, àti igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń tì bọ abẹ́ awọ apá. Ìyá tí ara rẹ̀ le lè mú èyí tó bá wù ú. Ti ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru kò rí bẹ́ẹ̀, òun ni mo sì ń kọ èyí fún.

Ẹ jẹ́ ká mú ìyá kan ṣe àpẹẹrẹ. Ọmọ ọdún 36 ni, ó ń ta gàrí lọ́jà Kábà, ó ti bí mẹ́rin, àbíkẹ́yìn rẹ̀ sì ti pé oṣù 8. Wọ́n ní kó jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 5 kí wọ́n tó wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó jẹ́ 150/96. Lọ́jọ́ mìíràn, ó jẹ́ 148/94. Nǹkan oṣù rẹ̀ máa ń pọ̀, àyẹ̀wò sì ti fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó. Àbúrò rẹ̀ ń lo oògùn oníhóró, ó bá a lára mu, ni òun náà bá fẹ́ ra tirẹ̀ ní kẹ́míìsì.

Ìyá mi, ẹ má rà á. Èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú oògùn oníhóró ní ẹsitirójìn nínú, èròjà kan tí ara obìnrin náà máa ń ṣe. Ẹsitirójìn lè mú kí ìfúnpá gòkè sí i, ó sì ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì nínú iṣan. Ibẹ̀ ni àrùn rọpárọsẹ̀ ti lè wọlé. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ẹni tí ìfúnpá rẹ̀ wà láàárín 140/90 sí 159/99 kò gbọ́dọ̀ lò ó àfi bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn rárá, ẹni tí tirẹ̀ bá dé 160/100 kò sì gbọ́dọ̀ lò ó páàpáà. Ẹni tó ti ń lò ó tẹ́lẹ̀, bí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan bá wú tó ń dùn ún, bí àyà bá ń dùn ún, tàbí bí orí fífọ́ tó lágbára bá dé lójijì tí ojú ń ṣú, ilé ìwòsàn ni kó gbà lọ lójú ẹsẹ̀. Ti ìgbàgbé tún wà níbẹ̀: bí àwọn obìnrin ṣe ń lò ó gan-an, nǹkan bí 7 nínú 100 ló ń lóyún lọ́dún kìíní.

Abẹ́rẹ́ olóṣù mẹ́ta kò ní ẹsitirójìn. Nǹkan bí 4 nínú 100 ló ń lóyún lórí rẹ̀, nítorí pé àwọn ìyá máa ń pẹ́ kí wọ́n tó padà gba òmíràn. Ìyá wa yìí lè gbà á. Bí ìfúnpá rẹ̀ bá dé 160/100, kò ní dára fún un mọ́. Nǹkan oṣù sábà máa ń dáwọ́ dúró lórí abẹ́rẹ́ yìí. Kò sí ẹ̀jẹ̀ tó ń kóra jọ síkùn bí àwọn kan ṣe ń rò, ìsinmi ló sì jẹ́ fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kéré. Ó bá àwọn tó ní àrùn fòníkú-fọ̀làdìde mu pẹ̀lú. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé bó bá ti wọ ara, kò ṣeé yọ. Ẹlòmíràn máa ń sanra lórí rẹ̀, ó sì lè tó oṣù 10 lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ìkẹyìn kí oyún tó tún dúró.

Lúùpù onírin bàbà kò da ìfúnpá láàmú rárá, àwọn tó ń lóyún lórí rẹ̀ lọ́dún kò sì tó ẹnì kan nínú 100. Ó lè wà níbẹ̀ fún ọdún 10. Ká ní ìyá tí tirẹ̀ jẹ́ 170/110 ni, tí nǹkan oṣù rẹ̀ ń lọ déédéé, lúùpù ni ǹ bá kọ́kọ́ mú fún un. Ṣùgbọ́n ó máa ń fi kún nǹkan oṣù àti inú rírun, pàápàá lóṣù mélòó kan àkọ́kọ́, ẹ̀jẹ̀ oníṣòwò gàrí yìí kò sì tó tẹ́lẹ̀.

Ti abẹ́ apá ni mo máa gbà á nímọ̀ràn. Ó múná dóko bíi lúùpù, kò ní ẹsitirójìn, ó sì sábà máa ń dín ẹ̀jẹ̀ nǹkan oṣù kù. Onígi kan wà fún ọdún 3, onígi méjì fún ọdún 5. Wọ́n á fi abẹ́rẹ́ pa ibẹ̀ kú, wọ́n á tì í bọ inú apá lókè ìgúnpá. Kí ẹ tó dìde, ẹ fọwọ́ kàn án. Ó yẹ kí ọwọ́ yín bá a. Bí kì í bá ṣe ọjọ́ 7 àkọ́kọ́ nǹkan oṣù ni wọ́n fi í sí yín lára, ẹ lo kọ́ńdọ̀mù fún ọjọ́ 7. Ẹni tó ń lo oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ tó ní rifampísìn nínú gbọ́dọ̀ sọ fún nọ́ọ̀sì, torí ó ń sọ agbára rẹ̀ di aláìlera.

Ohun tó máa ń mú àwọn tó fi í sápá padà wá ni ẹ̀jẹ̀ tó ń kán tótó láìlásìkò. Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ ti ṣọ́ra nìyí: wọ́n lè fún èèyàn ní oògùn oníhóró elẹ́sitirójìn fún ọjọ́ mélòó kan láti dá a dúró. Ẹ yára sọ pé ẹ̀jẹ̀ yín ń ru.

Láti 2011 ni ìjọba àpapọ̀ ti sọ ohun èlò ìfètòsọ́mọbíbí di ọ̀fẹ́ nílé ìwòsàn ìjọba, ṣùgbọ́n wọ́n lè gba owó ìbọ̀wọ́ àti oògùn tí wọ́n fi ń pa apá kú. Ẹ béèrè iye owó fífi sí àti yíyọ pa pọ̀, kí ẹ sì béèrè bóyá ẹni tó mọ̀ ọ́n yọ wà ní sẹ́ńtà yín, tàbí Kábà lẹ máa ní láti wá.