Ìwé iná, ìwé olè, àti àfikún rògbòdìyàn: èwo lẹ máa rà fún ṣọ́ọ̀bù yín n'Ílẹ́ṣà?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ṣọ́ọ̀bù lágbègbè Ọjà Àtàkúnmọ̀sà tẹ́ ẹ fẹ́ ra inṣọ́ránsì, ẹ jẹ́ ká jọ wò ó dáadáa kẹ́ ẹ tó sanwó. Iṣẹ́ bírókà ni mò ń ṣe. Ohun tí mò ń rí ṣáá ni pé èèyàn á ra ìwé iná, á ra ìwé olè, ọkàn ẹ̀ á wá balẹ̀ pátápátá, bẹ́ẹ̀ ìwé méjèèjì ti yọ ìjà ìgboro kúrò, àfi téèyàn bá sanwó lé e fún àfikún rògbòdìyàn.

Ìyá kan tó ń ta léèsì àti àǹkárá ní Ìṣokùn gbé tiwọn wá bá mi, wọ́n ká a sínú ọ̀rá. Mo ní, "Mà, ẹ jẹ́ ká ṣí ibi tí wọ́n kọ ohun tí wọn ò ní sanwó fún." Ojú ìwé kẹrin ni, lẹ́tà ẹ̀ rí wínníwínní. Ìyá náà fi ìka tọ́ ọ títí wọ́n fi kan ráyọ́ọ̀tì, síráìkì àti sífíìlì kọmóṣọ̀n, ìyẹn rògbòdìyàn, ìyanṣẹ́lódì àti ìjà ìgboro. Wọ́n ní, "Ṣé tó bá jẹ́ àwọn ọmọ tó ń jà ló dáná sun ún, kì í ṣe iná mọ́ ni?" Iná ni, àmọ́ ohun tó fa iná ni ìwé yẹn ń wò.

Ẹ jẹ́ ká fowó ṣe é, àpẹẹrẹ lásán ni o, iye tí wọ́n máa pè fún yín lè yàtọ̀. Ọjà inú ṣọ́ọ̀bù jẹ́ mílíọ̀nù 6. Ìwé iná nìkan, ká ní ₦15,000 lọ́dún. Ìwé olè, ₦30,000. Àfikún rògbòdìyàn lórí ìwé iná, ₦9,000. Wàhálà wá ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan, àwọn èèyàn já ilẹ̀kùn, wọ́n kó ọjà mílíọ̀nù 2.5 lọ, wọ́n sì sun ti mílíọ̀nù 1.5.

Ẹni tó ní ìwé iná nìkan, òfo. Ẹni tó ní ti iná àti ti olè, òfo náà ni, torí ìwé olè náà yọ olè tó bá wáyé nínú rògbòdìyàn kúrò, bí wọ́n tiẹ̀ fọ́ ilẹ̀kùn. Ẹni tó fi àfikún sórí ìwé iná máa gba owó ohun tó jóná, tí ìwé ẹ̀ bá ní kó fara mọ́ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún fúnra ẹ̀, ₦1,350,000 ló máa bọ́ sí i lọ́wọ́. Mílíọ̀nù 2.5 tí wọ́n kó lọ ńkọ́? Ibí gan-an ló ti ń dun àwọn èèyàn jù! Ọ̀pọ̀ àfikún orí ìwé iná ló jẹ́ pé ìbàjẹ́ ló wà fún, kò dé ibi ìkólọ. Ẹ gbọ́dọ̀ ní kí wọ́n fi àfikún sórí ìwé olè náà lọ́tọ̀, kẹ́ ẹ sì béèrè bóyá ó gba ọjà tí jàǹdùkú kó lọ. Tó bá jẹ́ èmi, mi ò ní ra ti ọ̀kan kí n fi ìkejì sílẹ̀.

Kí ló dé tí wọn ò kúkú kó rògbòdìyàn mọ́ ìwé iná àti ìwé olè látìbẹ̀rẹ̀? Iná sítóòfù lè jó ṣọ́ọ̀bù kan sí mẹ́ta, àmọ́ ìjà ìgboro máa ń ká àdúgbò mọ́lẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Lóṣù Kẹwàá 2020, lẹ́yìn ìwọ́de tí wọ́n fi tako SARS, ìpínlẹ̀ tó pọ̀ ni wọ́n ti ba dúkìá jẹ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀ síra wọn. Ilé iṣẹ́ inṣọ́ránsì gbára lé e pé díẹ̀ nínú àwọn tó ń sanwó ló máa jìyà lọ́dún kan, tí gbogbo wọn bá wá jọ dé pọ̀, owó ò ní ká a. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tó ń bá wọn pín ẹrù náà ò fẹ́ gbé e àfi tí wọ́n bá kà á lọ́tọ̀.

Àfikún náà níbi tó mọ. Tí wọ́n bá kéde kónílé-ó-gbélé tẹ́ ẹ sì ti ṣọ́ọ̀bù pa fún ọ̀sẹ̀ kan, kò ní san èrè tẹ́ ẹ pàdánù. Ogun abẹ́lé àti ìdìtẹ̀ sí ìjọba náà ò sí nínú ẹ̀. Ẹni tó gbé Ifẹ̀ nígbà ìjà Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ lọ́dún 1997 sí 2000 mọ̀ pé ìjà lè pẹ́ ju bí èèyàn ṣe rò lọ, bó bá sì ti pẹ́ báyìí, àríyànjiyàn lórí orúkọ tó yẹ kí wọ́n pè é lè bẹ̀rẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n ṣàlàyé ibi tí ìyàtọ̀ wà sínú ìwé fún yín.



Ẹ má sì dúró dìgbà tí ìlú bá ti ń gbóná, torí wọ́n lè má tà á fún yín mọ́ nígbà yẹn. Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá sanwó, ẹ gba ìwé àfikún tó ní nọ́ńbà ìwé inṣọ́ránsì yín àti déètì tó bẹ̀rẹ̀, torí òfin Nàìjíríà ni pé bówó ò bá tíì wọlé, ìdáàbòbò ò tíì bẹ̀rẹ̀. Ìyá Ìṣokùn gba méjì, ọ̀kan fún iná, ọ̀kan fún olè, wọ́n sì fi pín-ìn-nì so ó mọ́ ojú ìwé kẹrin yẹn.