Ààlà tí kò lè dún: àgbéyẹ̀wò mi lórí àwọn tó ń bá mi ṣọ́ owó ìpolówó

Kajú yíyan ni mò ń tà láti Kabba. Ará Abuja àti Èkó ló ń rà á jù, ìpolówó Google ló sì ń mú wọn wá. 20,000 náírà ni bọ́jẹ́ẹ̀tì mi lójúmọ́. Ilé-iṣẹ́ kan ní àwọn á máa bá mi ṣọ́ ọ, bí owó tàbí ọ́dà bá yí padà lójijì, àwọn á ta mí lólobó lórí Wásáàpù.

Ohun tó bí mi nínú rèé. Lọ́jọ́ kan, ìpolówó jẹ 39,000, n kò gbọ́ ohunkóhun. Mo pè wọ́n. Arákùnrin tó gbé e ní, "Ẹ má bínú, mà, ìlọ́po méjì bọ́jẹ́ẹ̀tì yín ni ààlà tó wà níbẹ̀, kò tíì dé ibẹ̀." Kò sì lè dé ibẹ̀ kó kọjá láé! Google lè ná tó ìlọ́po méjì bọ́jẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ kan, bí àpapọ̀ oṣù kò bá ṣáà ti kọjá bọ́jẹ́ẹ̀tì ọjọ́ kan lọ́nà 30.4, ṣùgbọ́n kò ní gba jù bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹni. Ẹni tó bá ní kí ìkìlọ̀ dún nígbà tí owó bá kọjá 40,000 ti dákẹ́ ẹ̀ pa. Mo ní kó fà á wálẹ̀ sí 30,000. Ó ní àfi kí òun bi ọ̀gá òun.

Ìrọ̀lẹ́ ni arábìnrin kan pè mí padà. "Ọkun o, màmá." Ara mi balẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ọmọ ilé ni. Ó fà á wálẹ̀, ó ní kí ẹ̀rọ wọn máa yẹ owó wò ní wákàtí wákàtí. Ó tún rí i pé aago Los Angeles ni wọ́n fi ń ka ọjọ́ mi: aago mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án àárọ̀ wa ni ọjọ́ tuntun ń bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ó yí i sí ti Èkó.

Ó wá bi mí pé èló ìpolówó ló máa ń mú ọ́dà kan wá. Mo ní bíi 2,000. Ó ní ká má fi ọ́dà òní wé ti àná, torí Sátidé kì í rí bí Ọjọ́ Ajé. Bí 6,000 bá lọ láìsí ọ́dà, ó ṣì lè jẹ́ pé ọjà kàn lọ́ra ni, ìyẹn lè ṣẹlẹ̀ bí ẹ̀ẹ̀kan nínú ogún. Ó fi ààlà ìkìlọ̀ ti ọ́dà sí 8,000.

Lọ́sàn-án Ìṣẹ́gun kan ó dún: owó 8,150, ọ́dà 0. Bẹ́ẹ̀ owó oníbàárà ń wọ báǹkì mi! Ọjà kò dúró, kíkà ló dúró. Ẹni tó ń tún ojúlé mi ṣe ti pààrọ̀ ojú ìwé "A dúpẹ́", kóòdù tó ń ka ọ́dà sì bá a lọ. Ó dá a padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ká ní ó pẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, Google tó ń fi ọ́dà pinnu iye tí màá san lórí kílíìkì kan ì bá gbà pé ẹnikẹ́ni kò ra kajú mi mọ́.

Síbẹ̀, oníbàárà tuntun tó bá wọlé sọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ náà lónìí, ìlọ́po méjì náà ni wọ́n ṣì ń fún un, pẹ̀lú aago Los Angeles. Mo ti kọ̀wé sí wọn, wọn kò yí i padà.

Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún. Mo ti san owó oṣù tó ń bọ̀.