Bànánà, sípéèdì àbí wáyà bíbó: èwo ló bá ẹ̀yìn áńpù yín mu?

Mo ti fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta so wáyà sípíkà mọ́ ẹ̀yìn áńpù kan náà, èyí tó ń gbé sípíkà márùn-ún àti sọ́ọ̀bù, inú kọ́bọ́ọ̀dù abẹ́ tẹlifíṣàn ló wà, ẹ̀yìn rẹ̀ ò sì jìnnà sí ògiri. Kọ́pà gidi ni wáyà mi, 2.5 mm². Kí n tètè sọ ọ́ o: ohùn ò yàtọ̀ rárá. Wáyà yìí tó bá gùn tó mítà márùn-ún, àlọ àti àbọ̀ di mẹ́wàá, ìdènà inú ẹ̀ ò ju nǹkan bíi óòmù 0.07 lọ, ẹnu tó bá mú dáadáa sì kéré sí ìyẹn jìnnà, bẹ́ẹ̀ óòmù 8 ni sípíkà fúnra ẹ̀. Torí náà ẹni tó bá ní plọ́ọ̀gù oníwúrà máa jẹ́ kí béèsì yín jinlẹ̀, ẹ má dá a lóhùn. Ìrọ̀rùn àti ààbò la ń fowó rà níbí.

Wáyà bíbó ò gba kọ́bọ̀, tí ẹ bá sì dè é dáadáa kò sí nǹkan tó ṣe é. Ẹ bó o tó 12 mm, ẹ lọ́ ọ pọ̀ kó le, ẹ tì í bọ inú ihò ẹnu áńpù, ẹ fọwọ́ yí orí ẹnu náà kó fún, kó má sì sí kọ́pà tó yọ síta. Irun wáyà kan ṣoṣo ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀. Àbúrò mi tún kọ́bọ́ọ̀dù ẹ̀ tò, ó tan áńpù, PROTECT ló ń kọ sójú ẹ̀, ìyẹn ni pé ó ti ti ara ẹ̀ pa kó má baà jó, ó pè mí pé "Ẹ̀gbọ́n, áńpù yìí ti jó o." Mo ní kó yọ ọ́ kúrò nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, kó tú gbogbo wáyà sípíkà lẹ́yìn ẹ̀, kó wá tan án lófìfo. Ó tàn, PROTECT lọ. Ìyẹn ni pé áńpù ò ní nǹkan kan, ọ̀nà wáyà ni ẹjọ́ wà. A fi mítà tó ń ka óòmù wo àwọn sípíkà lọ́kọ̀ọ̀kan, sípíkà óòmù 8 tó dáa máa ń kà bíi 6 tàbí 7, gbogbo wọn ló sì kà bẹ́ẹ̀, kò sí èyí tó bríìjì nínú. Ìgbà tá a wá fi tọ́ọ̀ṣì wo ẹnu àwọn wáyà la rí irun kan tó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ lára wáyà pupa, òun ló ń kan dúdú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. A gé e, a tún un bó, ó tán.

Ẹ má fi lẹ́ẹ̀dì jó ẹnu wáyà tí ẹ fẹ́ fi orí yíyí dè o, lẹ́ẹ̀dì rọ̀, tó bá pẹ́ díẹ̀ á tẹ̀ mọ́lẹ̀, dídè náà á wá dẹ̀.

Bànánà, ìyẹn plọ́ọ̀gù tí a ń tì bọ ihò ẹ̀yìn áńpù, ni mo fẹ́ràn jù fún áńpù tí a máa ń fà jáde, tí a sì máa ń tì padà. 4 mm ni ihò ẹ̀, tí ẹ ò bá rí ihò ẹ wò ó dáadáa, àwọn áńpù tí wọ́n ṣe fún Yúróòpù máa ń ní ike kékeré tí wọ́n fi dí i, ẹ fi abẹ́rẹ́ hú u. Ẹ yí orí ẹ̀ kó fún kí ẹ tó ti plọ́ọ̀gù bọ̀ ọ́. Ẹ ra èyí tó ní sukúrù méjì tó ń tẹ wáyà mọ́ inú. Èyí tó pọ́ọ́kú máa ń dẹ̀: ẹ dín ohùn kù, ẹ mi plọ́ọ̀gù díẹ̀ bí orin ṣe ń lọ, tí sípíkà bá ń gé, ẹ pa áńpù, kí ẹ fi abẹ ya ewé ara ẹ̀ síta díẹ̀. Tí ẹ bá ń yọ ọ́, ẹ rí i pé áńpù ti kú, torí irin méjèèjì lè kan ara wọn lọ́wọ́ yín. Ó tún máa ń yọ síta bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta sí mẹ́rin, wáyà á sì tún nílò àyè láti tẹ̀, ẹ wọn ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù yín kí ẹ tó rà.

Sípéèdì, ìyẹn ẹnu tó là bí fọ́ọ̀kì, ló mú jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wáyà ẹ̀ lè sọ̀ kalẹ̀ tààrà, kò gba àyè níwájú ògiri, tí wáyà wúwo bá sì fà á kì í bọ́ bíi bànánà. Ṣùgbọ́n lórí áńpù tèmi ìyà ló fi jẹ mí, torí àwọn ẹnu ẹ̀ sún mọ́ra, ike sì yí wọn ká, sípéèdì 8 mm ò wọlé, 6 mm wọ̀ tipátipá, bí mo sì ṣe ń yí orí ẹ̀ ló ń yí tẹ̀lé e, ó fẹ́ lọ kan èkejì ẹ̀. Ibi tó dáa sí ni áńpù sítẹ́rió ńlá oníbejì, tó ní àyè láàárín, tí ẹ ò sì ní gbé kúrò lójú kan. Ọwọ́ ló tó láti dè é, ẹ má fi sípánà sí i, ẹnu yẹn lè yí kúrò lára bọ́ọ̀dù inú lọ́hùn-ún.

Nílé mi báyìí, bànánà ló wà lẹ́yìn áńpù, torí ibẹ̀ ni ọwọ́ mi máa ń dé. Lẹ́nu àwọn sípíkà kéékèèké tó wà lára ògiri ẹ̀yìn, wáyà bíbó ni mo fi sílẹ̀, torí ẹnu onísípírìngì tí a ń tẹ̀ ni tiwọn, bànánà ò lè wọ̀ ọ́, sípéèdì náà ò lè wọ̀ ọ́. Tí tiyín bá jẹ́ irú ẹ̀, ẹ má wulẹ̀ náwó, ẹ kàn bó o tó 10 mm, ẹ lọ́ ọ, ẹ tì í bọ̀ ọ́.